Lítà 10 tí kò padà wá: ìdáhùn sí oníbọ́ọ̀sì kan nípa ìwé epo

"Ẹ káàsán o, ọ̀gá. Bọ́ọ̀sì Tòyótà elérò 14 mẹ́ta ni mo ní, Òṣogbo sí Ìbàdàn ni gbogbo wọn ń ná. Àwọn dírẹ́bà ń kọ epo tí wọ́n rà sínú ìwé. Mọ́tò kìíní ń ná mi ní ₦115 lórí kìlómítà kan, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, mọ́tò kẹta ná mi ní ₦169. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló ń wà á, ó sì ń ṣe mí bíi kí n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti ya fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sí yín. Ṣé ó ń jí epo mi ni?" Oníbọ́ọ̀sì kan, Ayétòrò, Òṣogbo.

Ẹ káàsán, ọ̀gá mi. Ẹ jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ náà ná. Mo jókòó ti ìwé yín dáadáa lálẹ́ àná, mo tún ìṣirò rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ kò tíì tó ohun tí èèyàn fi ń pe ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹni lólè. Ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, n kò ní bò ó mọ́lẹ̀ fún yín, àmọ́ kì í ṣe ₦169 yẹn. ₦169 yẹn ti pa ọ̀pọ̀ nǹkan pọ̀ mọ́ ara wọn, tí a ò bá sì tú wọn ká, ìbínú yín lè dé sórí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ọ̀nà tí ẹ gbà ń ṣírò ló kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ rú. Nígbàkigbà tí wọ́n bá ra epo, ẹ máa ń mú owó tí wọ́n san lọ́jọ́ náà, ẹ ó sì pín in sí iye kìlómítà tí mọ́tò rìn láti ìgbà tí wọ́n ti ra epo kẹ́yìn. Ó jọ ohun tó tọ́, ọ̀pọ̀ oníbọ́ọ̀sì ló sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n epo tí a rà lónìí kọ́ ni mọ́tò jó lánàá. Bí táǹkì bá kún dé ẹnu lánàá, tí a sì tún kún un dé ẹnu lónìí, nígbà náà ni lítà tó wọlé lónìí máa bá ohun tó jó láàárín ọjọ́ méjèèjì mu, nítorí àyè tí epo fi sílẹ̀ nìkan ni epo tuntun lè gbà. Tí dírẹ́bà bá kàn ní kí wọ́n bu ti ₦18,000 síi láì kún un, iye yẹn ò sọ nǹkan kan fún wa nípa ohun tí ẹ́ńjìnnì jó. Owó tó wà lápò rẹ̀ nígbà yẹn ló ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ìwé mọ́tò kẹta. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n kún táǹkì dé ẹnu, mítà sì wà ní 214,600. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí mítà dé 214,810, ó ra lítà 20 ní ₦900, kò kún un. Lọ́jọ́bọ̀, mítà dé 215,015, ó ra lítà 34, ó sì kún. Nínú ìṣirò tiyín, ọjọ́ Ìṣẹ́gun já sí nǹkan bíi ₦86 lórí kìlómítà kan, Ọjọ́bọ̀ sì já sí ₦149. Èmi ò mọ̀ bóyá ẹ yìn ín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àmọ́ mo rí i pé ẹ fi báírò pupa fa ìlà sídìí ti Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ méjèèjì ò yàtọ̀ síra wọn rárá. Epo tí kò rà tó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ló rà kún un lọ́jọ́bọ̀. Láti ìgbà tí táǹkì kún lọ́jọ́ Ajé títí di ìgbà tó tún kún lọ́jọ́bọ̀, mọ́tò rin kìlómítà 415, lítà 54 ló sì wọlé. Ẹ pín 54 sí 415, kí ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ ní ìlọ́po 100: lítà 13 lórí 100 kìlómítà. Fún bọ́ọ̀sì elérò 14 tó kún fún èrò àti ẹrù, tó ń ná Òṣogbo sí Ìbàdàn gba Gbọ̀ngán, iye yẹn kò burú. Mọ́tò kìíní yín ń jó 12.8. Ìyàtọ̀ àárín wọn ò tó kí èèyàn rí i.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí àwọn tí mo ń bá ṣiṣẹ́ gbàgbé owó ná, kí wọ́n kọ́kọ́ wo lítà lórí 100 kìlómítà, láti kíkún dé kíkún. Bí ìrà tí kò kún bá wà láàárín, bó jẹ́ ẹyọ kan, bó jẹ́ mẹ́rin, ẹ kó gbogbo lítà wọn pọ̀ mọ́ ti ọjọ́ tí táǹkì kún. Ẹ má ṣírò ìkankan nínú wọn lọ́tọ̀.

A wá dé ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń dùn yín. Mítà wà ní 215,215, ìyẹn kìlómítà 200 géérégé sí ti Ọjọ́bọ̀, àlọ àti àbọ̀ Ìbàdàn. Táǹkì kún lọ́jọ́bọ̀, ó tún kún lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, nítorí náà ìṣirò ibí yìí dúró dáadáa. Mọ́tò tó ń jó 13 yẹ kó gba lítà 26. Ìwé ní 36 ló gbà. Ìyẹn lítà 18 lórí 100 kìlómítà. Èyí kì í ṣe àṣìṣe ìṣirò mọ́, ohun kan ṣẹlẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí, nítorí òun ni mo fi ń mọ ìdí ọ̀rọ̀ nínú ìwé epo. Tí epo bá lé lọ́jọ́ kan, ẹ má tíì sọ nǹkan kan. Ẹ wo ìgbà tí wọ́n tún kún táǹkì lẹ́yìn rẹ̀. Ohun mẹ́ta ló lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé lítà tó lé náà padà wá, ìyẹn ni pé epo tí ìgbà tó tẹ̀ lé e gbà dín sí bó ṣe yẹ. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí epo tó sọnù. Bí wọ́n ṣe kún un ló yàtọ̀. Ọmọ ilé epo kan máa ń dáwọ́ dúró nígbà tí páǹpù bá kọ́kọ́ já fúnra rẹ̀, òmíràn á máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí epo á fi yọ lẹ́nu táǹkì. Ilẹ̀ ilé epo tó dagun náà máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ há sínú táǹkì. Ìyàtọ̀ lítà méjì sí mẹ́ta lè tibẹ̀ wá láìsí ẹni tó ṣẹ̀, lórí kìlómítà 200 péré, ìyẹn sì lè sọ 13 di 14 tàbí kó sọ ọ́ di 12. Ó tún lè jẹ́ pé ìgbà tó tẹ̀ lé e náà lé, èyí tó tún tẹ̀ lé e náà lé. Ẹ gbé mọ́tò lọ bá mekáníìkì nígbà náà: bírékì tó ń di táyà mú, táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó, pọ́lọ̀ọ̀gì tó ti gbó, epo tó ń jò lábẹ́. Àìsàn mọ́tò kì í wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kó lọ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ̀kẹta ni pé lítà náà lé lẹ́ẹ̀kan, ìgbà tó tẹ̀ lé e sì wà bó ṣe máa ń wà, kò lé, kò dín. Èyí ni pé epo kan kúrò lọ́nà tí ẹ́ńjìnnì ò fi jó o lójú ọ̀nà, tí kò sì padà wá.

Ìwé yín fi ẹ̀kẹta hàn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé Àbámẹ́ta náà, mítà dé 215,430, kìlómítà 215 ló rìn, táǹkì sì gba lítà 28. Ìyẹn jẹ́ 13. Ká ní táǹkì tí wọ́n kún lákùnfọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ló fa 36 yẹn ni, lítà 18 péré ni ìbá gbà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, 36 àti 18 ìbá sì jẹ́ 54 lórí kìlómítà 415, gẹ́gẹ́ bíi ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àbí ṣe ni wọn ò kún un délẹ̀ lọ́jọ́bọ̀, tí Àbámẹ́ta wá ń san gbèsè rẹ̀? Mo rò ó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ká ní wọn ò kún un lọ́jọ́bọ̀, ìṣirò Ajé sí Ọjọ́bọ̀ ìbá ti wálẹ̀ sí 11 tàbí 10. 13 ló jẹ́. Lítà 10 ló sọnù lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tàbí ní ọjọ́ méjì tó ṣáájú rẹ̀.

Níbo ló gbà? Mo mọ̀ pé kẹ́ẹ̀gì lítà 10 ló kọ́kọ́ wá sọ́kàn yín, òun náà ló kọ́kọ́ wá sí tèmi. Ẹ jẹ́ ká yẹ àwọn yòókù wò kí a tó dé ibẹ̀. Bí mọ́tò bá dúró sójú kan tí ẹ́ńjìnnì àti éásì ń ṣiṣẹ́, irú ẹ́ńjìnnì yẹn lè jó lítà kan sí méjì ní wákàtí kan, mítà ò sì ní yí. Kó tó jó 10, ó máa tó wákàtí márùn-ún ó kéré tán. Tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dí wọn mọ́ ọ̀nà tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta náà, àwọn èrò inú ọkọ̀ á ti pe ilé yín, ẹ̀yin fúnra yín á ti gbọ́. Ẹ bi í léèrè ṣá. Ohun kejì ni ilé epo. Àwọn ọjọ́ yòókù, ilé epo kan náà ní ìtòsí Òkè-Fíà ló ti ń rà á, ṣùgbọ́n ti Àbámẹ́ta wá láti ibòmíràn lójú ọ̀nà, ní ₦940. Páǹpù tó ń dín epo kù máa ń jẹ́ kí lítà tó wà lójú rẹ̀ pọ̀ ju èyí tó wọ táǹkì lọ. Ṣùgbọ́n kí ó yọ 10 nínú 36, ìyẹn ti pọ̀ jù fún èyí tí mo ti ń rí. Tí páǹpù bá dín bẹ́ẹ̀, gbogbo ọlọ́kadà ọ̀nà yẹn á ti pariwo rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì tí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀ lọ síbẹ̀, kí ẹ ra lítà 10 níwájú ara yín.

Ohun kẹta ni àwọn oníbọ́ọ̀sì máa ń gbàgbé. Láàárín Ọjọ́bọ̀ sí Àbámẹ́ta, òru méjì ni mọ́tò yẹn sùn níta. Níbo ló sùn? Bí ẹnìkan bá fi rọ́bà fa epo nínú táǹkì lóru ọjọ́ Ẹtì, lítà 36 máa wọ táǹkì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ní tòótọ́, rìsíìtì á pé, ilé epo á jẹ́rìí, dírẹ́bà ò sì ní mọ nǹkan kan àfi tó bá ṣàkíyèsí pé ọwọ́ géèjì ti lọ sílẹ̀ láàárọ̀. Ẹ bi í bóyá ó ṣàkíyèsí rẹ̀, kí ẹ sì bi í kó tó mọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni kẹ́ẹ̀gì kù: pé wọ́n bu 26 sí táǹkì, wọ́n bu 10 sí kẹ́ẹ̀gì, wọ́n sì kọ 36. Tàbí kẹ̀, wọn ò bu kẹ́ẹ̀gì kankan, wọ́n kàn kọ rìsíìtì tó ju ohun tí wọ́n rà lọ, ọmọ ilé epo àti dírẹ́bà sì pín owó náà. Ìwé epo ò lè fìyàtọ̀ sáàárín àwọn wọ̀nyí. Ó lè sọ pé lítà 10 kò sí, kò lè sọ orúkọ ẹni tó gbé e.

Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí mo ti ṣe é rí, ó sì ṣì ń dùn mí. Nígbà tí mo ń bójú tó ìwé epo fún ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan, mọ́tò kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi lítà 16 hàn níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń jó 13. Mo kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ mi bí mo ṣe rí i, wọ́n sì lé dírẹ́bà náà kí oṣù tó parí. Ẹni tó gba mọ́tò lẹ́yìn rẹ̀ náà ń fi 16 hàn. Ìgbà yẹn ni mo tó wo apá kejì ìṣirò, kìlómítà. Ọ̀nà kan náà, gáráàjì sí gáráàjì, ti àwọn mọ́tò yòókù ń ka 200, ti èyí ń ka 160. Mítà rẹ̀ máa ń kú lójú ọ̀nà, á sì tún jí. Lítà 26 lórí 160 ló di 16, kò sí epo tó sọnù rárá. Iṣẹ́jú mẹ́wàá ni ìbá gbà mí láti fi kìlómítà mọ́tò náà wé ti ẹgbẹ́ rẹ̀ kí n tó fi ọwọ́ sí ìwé. Mo ti wo èyí nínú ìwé tiyín: àlọ àti àbọ̀ mọ́tò kẹta wà láàárín 200 sí 215, ti mọ́tò kìíní náà wà níbẹ̀. Mítà yín ń ṣiṣẹ́.

Ó kan owó báyìí. Láti ₦115 mọ́tò kìíní dé ₦169 ọjọ́ Àbámẹ́ta, ₦54 ni. Ẹ wo bó ṣe pín. Mọ́tò kẹta ń jó díẹ̀ ju mọ́tò kìíní lọ, 13 sí 12.8, ìyẹn kó nǹkan bíi ₦2. Lítà 10 tó sọnù, ní ₦900, jẹ́ ₦9,000. Ẹ pín in sí kìlómítà 200, ₦45 nìyẹn. Owó tí ilé epo ojú ọ̀nà fi ju ti Òkè-Fíà lọ jẹ́ ₦40 lórí lítà kọ̀ọ̀kan, lórí lítà 36 ó di ₦1,440, ìyẹn fi ₦7 sí kìlómítà kan. Méjì, márùn-dín-láàádọ́ta àti méje: ₦54 yín ti pé. ₦7 yẹn lè jẹ́ ẹ̀bi dírẹ́bà tó fi ilé epo yín sílẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé kò sí epo níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. ₦2 kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. ₦45 nìkan ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Owó orí kìlómítà dára fún mímọ iye tí ẹ máa gbà lọ́wọ́ èrò, ṣùgbọ́n kò dára fún mímọ olè, torí iye owó epo wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn tí Ààrẹ kéde lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, owó orí kìlómítà nínú ìwé tèmi lé ní ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ díẹ̀. Lítà lórí 100 kìlómítà kò yí padà. Ẹni tó bá ń wo owó nìkan nígbà yẹn ìbá ti lé gbogbo dírẹ́bà tó ní.

Ohun kan tún wà nínú ìwé yín tí kò tẹ́ mi lọ́rùn, mọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì kàn. 34, 36, 28: gbogbo lítà tí wọ́n kọ ló pé pérépéré. Bí èèyàn bá ní kí wọ́n bu lítà 20, á pé. Ṣùgbọ́n bó bá ní kí wọ́n kún un, páǹpù á já níbi tó bá fẹ́, 33.62, 28.17, kò ní já sórí nọ́ńbà tó pé lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn. Nítorí náà, ẹnìkan ń kọ ohun tó rò dípò ohun tó rí. Ó lè má jẹ́ nǹkan burúkú, ó lè jẹ́ pé wọ́n kàn ń gé e kúrú, àmọ́ ó túmọ̀ sí pé ìṣirò tí mo ṣe fún yín lókè yìí lè yẹ̀ ní ìdajì lítà síbí sọ́hùn-ún. Lítà 10 ju ìyẹn lọ dáadáa. Láti ìsinsìnyí, ẹ ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà páǹpù bó ṣe wà, pẹ̀lú èyí tó wà lẹ́yìn àmì, kí wọ́n kọ mítà, orúkọ ilé epo, iye lítà kan, kí wọ́n sì fi "kún" tàbí "kò kún" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni ìwé yín ṣaláìní. Ohun tí dírẹ́bà sọ fún yín lẹ́nu nípa ọjọ́ tó kún ni mo gbára lé. Bí wọ́n bá ra kẹ́ẹ̀gì lójú ọ̀nà nígbà tí epo wọ́n, kí wọ́n kọ "kẹ́ẹ̀gì", torí kò sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n lítà inú rẹ̀ dájú.

Ní ti ohun tí ẹ lè ṣe, ẹ lè ní kí dírẹ́bà mọ́tò kìíní àti ti mọ́tò kẹta gba mọ́tò ara wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí epo tó ń lé bá tẹ̀ lé dírẹ́bà lọ sí mọ́tò kìíní, ẹ ti mọ̀. Bó bá dúró sí mọ́tò kẹta, mọ́tò ni tàbí ibi tó ń sùn. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n ń ṣọ́ òun máa ń di ènìyàn rere fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn kan á ní kí ẹ ra ẹ̀rọ tí ń ka epo inú táǹkì. Fún bọ́ọ̀sì mẹ́ta, èmi ò ní ra á. Epo máa ń mì nínú táǹkì lórí òkè àti kòtò, ẹ̀rọ náà á sì máa ké "epo sọnù" nígbà tí mọ́tò kàn ń gun òkè. Owó yẹn, ẹ fi san ibi tí mọ́tò á ti máa sùn nínú ọgbà tó ní géètì, kí ẹ sì bá ilé epo Òkè-Fíà dá àdéhùn pé páǹpù kan náà ni kí wọ́n máa lò fún yín, kí wọ́n sì máa dúró nígbà tó bá kọ́kọ́ já. Ohun kan tún wà tí kò ṣeé fi ìwé mú: ẹni tó ń yọ lítà kan péré lójoojúmọ́ láti ọjọ́ tó ti gba mọ́tò. Lójú ìwé, bí mọ́tò náà ṣe ń jó nìyẹn. Fífi í wé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló lè tú u fó, mọ́tò kẹta yín sì sún mọ́ mọ́tò kìíní jù fún irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí nínú wọn, ẹ wá rìsíìtì ọjọ́ Àbámẹ́ta náà, n kò rí i nínú fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́. Bí páǹpù bá tẹ nọ́ńbà bíi 36.28 sórí rẹ̀, ẹ lọ wo ibi tí mọ́tò sùn lóru ọjọ́ Ẹtì kí ẹ tó wo ojú ọmọ náà. Bí lítà tó wà lórí rẹ̀ bá jẹ́ 26 àti díẹ̀, ẹnìkan ló yí 2 padà sí 3 nínú ìwé. Bó bá sì jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́, 36 gééré, láìsí àmì kankan lẹ́yìn rẹ̀, ẹ pè é jókòó, kí ẹ̀yin àti ìyàwó yín jọ wà níbẹ̀, kí ẹ ní kó sọ bí ìrà epo ọjọ́ náà ṣe lọ fún yín láti ìgbà tó ti yà kúrò ní títì.